Kí A Tó Kí Ẹlòmíràn Kú Ọdún

Gbólóhùn mẹ́rin péré ni mo kọ, mo sì rò pé kò sí ohun tó lè dun ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí pé ìkíni ni, kì í ṣe àríyànjiyàn. Èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ ń gbé síta fún tọmọdé tàgbà láti kà, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ Áṣúrà, ìyẹn ọjọ́ kẹwàá oṣù Mùhárámù nínú kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí, ń bọ̀ lọ́nà. Kristẹni ni mí, mo sì fẹ́ kí ó hàn pé ẹgbẹ́ wa kò gbàgbé àwọn tí ọjọ́ náà jẹ́ tiwọn. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ̀yin ará, òní ni ọjọ́ Áṣúrà, ọdún ayọ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí àgbáyé. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, ọjọ́ yìí ni Ọlọ́run gba Mósè là lọ́wọ́ Fáráò. Bí a kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a bá wọn yọ̀. A kí wọn kú ọdún, àṣèyí ṣàmọ́dún o!"

Mo fi í ránṣẹ́ sí arábìnrin kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kí ó lè bá mi wo àmì ohùn. Àmì ohùn nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́ sí. Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀ka ẹ̀sìn náà tí à ń pè ní Ṣíà, n kò sì béèrè rí. Èsì rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọjọ́ tí àwa ń sunkún ni ẹ ń kí wa kú ayọ̀ sí yìí." Ìgbà tí mo dá a lóhùn, tí mo ní mo dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde, ó tún kọ ìlà kejì ránṣẹ́: "Ẹ kọ irú rẹ̀ lésìí náà. Mo kà á."

Ìlà kejì yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Lésìí, kò sí ẹni tó ráhùn, àwọn méjì tàbí mẹ́ta tilẹ̀ dúpẹ́, mo sì ka ìdákẹ́jẹ́ àwọn tó kù sí àmì pé ọ̀rọ̀ náà bára mu. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ti kà á nínú ọ̀fọ̀, tó pa fóònù rẹ̀ dé, tí kò sì sọ nǹkan kan. Ẹni tí a fi àìmọ̀ ṣẹ̀ kì í sábà kọ̀wé, nítorí bí ó bá kọ̀wé, òun ni yóò di ẹni tó ń wá ìjà níbi tí a ti ń kí ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àìsí ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà dára. Kò jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Ohun tí n kò mọ̀ nìyí. Àwọn Mùsùlùmí Súńnì, tí wọ́n pọ̀ jù, máa ń gba ààwẹ̀ tí kì í ṣe dandan ní ọjọ́ Áṣúrà. Nínú hádíìsì tí ó gbajúmọ̀, nígbà tí Ànábì Mùhámmádù dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn Júù nínú ààwẹ̀ nítorí pé Ọlọ́hun gba Mùsá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ là ní ọjọ́ náà, òun náà sì gba ààwẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọlẹ́yìn òun gbà á. Ní ọjọ́ kan náà, ọjọ́ kẹwàá oṣù Mùhárámù ọdún kọkànlélọ́gọ́ta lẹ́yìn Híjírà, tí ó jẹ́ ọdún 680, ni wọ́n pa Huseini, ọmọ-ọmọ Ànábì, pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ní Kabála ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí. Ọjọ́ ọ̀fọ̀ tí ó tóbi jù lọ láàárín ọdún ni ọjọ́ yẹn jẹ́ fún àwọn Ṣíà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, orúkọ kan ṣoṣo ni, ẹ̀sìn kan náà sì ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń dúpẹ́, ẹnì kejì ń sunkún.

Ẹ wo ohun tí "ẹ kú ọdún" wá di níbẹ̀. Nínú èdè wa, "ẹ kú" fúnra rẹ̀ kò sọ ipò tí ọkàn ẹni tó ń kíni wà. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọ́: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrọ́jú. "Ọdún" ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò ní àwọ̀. Bí ó bá ti dé ẹ̀yìn "ẹ kú", àjọ̀dún ni etí ń gbọ́, ìlù àti aṣọ tuntun ni ojú ń rí. Èyí tó wá burú jù nínú gbólóhùn mi ni "àṣèyí ṣàmọ́dún". Àdúrà ni, mo sì gbà á fún àdúrà, ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí irú ọjọ́ yìí tún padà wá bá ẹni náà. Bí a bá sọ ọ́ fún ẹni tó ń rántí bí wọ́n ṣe pa ènìyàn rẹ̀, kò sí èpè kankan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ lè kọ tí ì bá wọ̀ ọ́ lára jù ú lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti mú un ní àṣà pé ọ̀rọ̀ ìkíni àti ọ̀rọ̀ àdúrà ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ṣáájú ọ̀rọ̀ tó le. Ọ̀rọ̀ tó le máa ń ké síni fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni ti rọrùn lẹ́nu débi pé a kì í gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Mo máa ń béèrè ohun tí àwọn tó ni ọjọ́ náà ń ṣe ní ọjọ́ náà gan-an: ṣé wọ́n ń jẹun ni tàbí wọ́n ń gba ààwẹ̀, ṣé wọ́n ń ṣe àríyá ni tàbí wọ́n ń tọrọ ìdáríjì? Yọ́mù Kípúrì àwọn Júù jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ tó lé ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, ọjọ́ ìrònúpìwàdà ni, kì í ṣe ọjọ́ àríyá. Wọ́n tún ní ọjọ́ mìíràn, Tíṣà Béáfù, tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ tẹ́ńpìlì méjèèjì tí a wó ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọjọ́ yẹn, àwọn tó ń pa á mọ́ kì í kí ara wọn rárá, nítorí náà kò sí ìkíni tó lè tọ̀nà, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Ọjọ́ Ẹtì tí àwa Kristẹni fi ń rántí ikú Jésù náà kì í ṣe ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fò sókè sí wa pẹ̀lú kú ayọ̀, àmọ́ mo ti rí i kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé máa ń lò, èmi náà sì ti gbára lé e fún ọdún púpọ̀: mú orúkọ ẹ̀sìn ẹlòmíràn kúrò nínú gbólóhùn, fi ti ara rẹ síbẹ̀, kí o sì kà á sókè. Ìdánwò náà wúlò, ó máa ń gbá ẹ̀gàn mú. Bí mo bá kọ ọ́ pé "àwọn ẹlẹ́sìn báyìí pàápàá fẹ́ràn àlàáfíà", tí mo sì fi "Kristẹni" rọ́pò, kíá ni n ó gbọ́ èébú tó wà nínú "pàápàá" yẹn. Ṣùgbọ́n fi gbólóhùn Áṣúrà mi sínú ìdánwò kan náà, kò ní rí nǹkan kan. "Ọdún ayọ̀ fún gbogbo Kristẹni àgbáyé" kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìdánwò yẹn ń fi ọkàn mi wọn ọ̀rọ̀ ni, ó sì lè fi ohun tí n kò fẹ́ràn hàn mí, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun tí n kò mọ̀ hàn mí. Ẹni tó mọ̀ nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Kì í sì í ṣe ẹni tó ń dá kọ̀wé bíi tèmi nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún ìgbésẹ̀ ogun tí ó ń múra rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ tí a lè túmọ̀ sí "Ìdájọ́ Òdodo Aláìlópin". Kò sí ọ̀rọ̀ èébú kan nínú orúkọ náà. Àmọ́ lójú Mùsùlùmí, Ọlọ́hun nìkan ni ìdájọ́ rẹ̀ kò lópin, ènìyàn tó bá sì fi orúkọ yẹn pe iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ti na ọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí oṣù náà tó parí ni wọ́n yí orúkọ náà padà. Ọ̀pọ̀ ojú ló ti rí i kí ó tó jáde. Ohun tí ojú wọ̀nyẹn kò ní ni ìmọ̀ ẹ̀sìn tí ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo padà sí gbólóhùn mẹ́rin mi. Ìgbà tí mo ti rí àṣìṣe kìn-ín-ní ni àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde, èyí tó sì dùn mí jù ni gbólóhùn kẹta: "Bí a kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a bá wọn yọ̀." Ta ni "a"? Ta ni "wọn"? Orúkọ ẹgbẹ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, àwọn Mùsùlùmí sì wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ méjì péré ni mo fi lé wọn síta ní ọjọ́ tí mo sọ pé mo ń bọlá fún wọn. Wọ́n di ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọn kì í ṣe ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ní báyìí, bí mo bá kọ nǹkan tán, mo máa ń fi ìlà sábẹ́ gbogbo "a", "wa", "ẹ̀yin", "wọn" àti "gbogbo", n ó sì kọ orúkọ àwọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ibi tí n kò bá ti lè kọ orúkọ, tàbí ibi tí orúkọ àwọn tí mo kọ bá ti yàtọ̀ sí àwọn tó máa ka ìwé náà, ibẹ̀ ni àléébù wà.

"Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀" náà ní irú àìsàn yìí. Ó sọ ìgbàgbọ́ apá kan di ìmọ̀ gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n tàbí tí kò gbà á, a ti sọ ọ́ di ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo tún rò lé lórí pẹ́. Mo kọ "Mósè", mo sì kọ "Ọlọ́run", nítorí pé bí Bíbélì mi ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó ń ka Yorùbá ń kọ "Mùsá" àti "Ọlọ́hun". Kò sí ẹni tí yóò bínú nítorí lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ń sọ ilé ẹni tí ọ̀rọ̀ ti jáde wá, ó sì ń jẹ́ kí onílé dà bí àlejò nínú ìtàn ara rẹ̀. Ìpinnu tí mo ṣe ni pé ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹnì kan, bí ẹni náà ṣe ń kọ ọ́ ni n ó kọ ọ́. Mo mọ̀ pé Kristẹni kan lè dúró díẹ̀ síbi "Ọlọ́hun" yẹn. Kò burú, kì í ṣe òun ni ọjọ́ náà jẹ́ tirẹ̀.

Ti "òní" kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ nínú kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, oṣù tí a bá rí ló ń pinnu ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ọdún wọn sì jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, nítorí náà ọjọ́ tí mo kọ sínú ìwé lésìí kò lè jẹ́ tọdún yìí. Ní ọdún 2025, ọjọ́ Áṣúrà bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ní Saudi Arébíà, ó sì bọ́ sí ọjọ́ kẹfà ní Pakísítánì. Ẹgbẹ́ tó ní ènìyàn níhìn-ín lọ́hùn-ún kò lè fi ẹnu kan ṣoṣo sọ pé "òní ni".

Mo tún un kọ. Nítorí pé ẹ̀rù ti bà mí, mo yọ gbogbo ohun tó ní egungun kúrò, ó sì ku gbólóhùn kan: "A ń rántí ọjọ́ pàtàkì kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí." Ní àkókò yìí, mo fi í ránṣẹ́ sí ẹni méjì, arábìnrin náà àti bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Súńnì, mo sì fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. N kò béèrè bóyá ó burú, nítorí pé bí a bá béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọlúàbí, "kò burú" ni yóò dáhùn. Ohun mẹ́ta ni mo béèrè: ta ni ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ẹ rò pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ nípa yín, ibo sì ni ẹ ti dúró nígbà tí ẹ ń kà á? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń mú èso jáde jù, nítorí pé ènìyàn lè sọ ibi tí òun ti dúró láì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Bàbá náà kò fi bò. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ kò dárúkọ ọjọ́ náà, ìwọ kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù wa ń bà ọ́." Òótọ́ ló sọ. Mo ti sá fún àṣìṣe kan débi pé mo bọ́ sínú òmíràn: ọ̀rọ̀ tí a ti fi ọṣẹ fọ̀ títí tí kò fi ní àwọ̀ mọ́ ń sọ fún ẹni tí a kọ ọ́ sí pé wàhálà ni a kà á sí. Kí a sọ orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe yẹ sàn ju kí a rìn yí i ká lọ.

Nítorí náà, mo kọ ẹ̀kẹta, mo sì tún ṣìnà níbi tí n kò rò. Mo kọ ọ́ pé àwọn Súńnì ń rántí bí Ọlọ́hun ṣe gba Mùsá là, "nígbà tí àwọn Ṣíà gbà pé wọ́n pa Huseini ní Kabála." Arábìnrin náà ní ibi "gbà pé" ni òun ti dúró. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i. Pípa tí wọ́n pa Huseini kì í ṣe ohun tí ẹ̀ka ẹ̀sìn kan kàn gbà gbọ́. Ìtàn ni, Súńnì àti Ṣíà ló sì mọ̀ ọ́n, Súńnì náà ń bọ̀wọ̀ fún Huseini gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọmọ Ànábì. "Gbà pé" yẹn mú ikú rẹ̀ dà bí ohun tí a lè jiyàn lé lórí. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé ẹbí mi "gbà pé" bàbá mi kú, n ó mọ ohun tó ṣe mí. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń to àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo lò fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan síwájú ara wọn: ẹ̀gbẹ́ wo ni mo fún ní "ṣẹlẹ̀", ẹ̀gbẹ́ wo ni mo fún ní "gbà pé" tàbí "ń sọ pé"? Bí wọn kò bá dọ́gba, mo gbọ́dọ̀ ní ìdí tí mo lè sọ jáde.

Ẹ̀kẹrin ló jáde. Bó ṣe rí nìyí:

"Ọjọ́ Áṣúrà, ọjọ́ kẹwàá oṣù Mùhárámù, yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la fún àwọn kan nínú wa, àti ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì fún àwọn mìíràn. Àwọn kan nínú wa yóò gba ààwẹ̀ ní ìrántí bí Ọlọ́hun ṣe gba Ànábì Mùsá là. Àwọn kan nínú wa yóò máa ṣọ̀fọ̀ Imáámù Huseini, ọmọ-ọmọ Ànábì, tí wọ́n pa ní Kabála. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀, a bá yín kẹ́dùn."

Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo "ẹ kú ìrọ́jú" ní ìparí, ṣùgbọ́n ó dún bí ẹni pé àná ni òkú kú, arábìnrin náà sì ní "a bá yín kẹ́dùn" súnmọ́ ọn jù. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà pé. Ọ̀nà tí Súńnì ń gbà ṣe ọjọ́ náà kò rí bákan náà níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Ṣíà, ẹni méjì tí mo bi léèrè kò sì lè fẹnu ẹ̀sìn tó kárí ayé sọ̀rọ̀. N kò jẹ́ kí wọ́n rò pé ohun tí mo ń béèrè nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ti èsí, tí ó ṣì wà níta tí ẹnikẹ́ni lè kà. Mo lè pa á rẹ́ láì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kà á ti kà á. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "bí ọ̀rọ̀ yìí bá dun ẹnikẹ́ni, ẹ má bínú". Mo wo "bí" yẹn, mo rí i pé ó ń ṣiyèméjì nípa ohun tí mo ti gbọ́ pẹ̀lú etí ara mi, ó sì ń gbé ẹ̀bi lọ sórí ara ẹni tó gbà á. Mo pa á rẹ́, mo sì kọ ọ́ pé: "Nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ kú ọdún ayọ̀. A kò mọ̀, ó sì yẹ kí a ti béèrè. Ẹ forí jì wá."

Ìgbà tí ẹ̀kẹrin ti jáde, mo tún bi arábìnrin náà ní ìbéèrè mi, ibo ni ó ti dúró? Ó ní òun dúró síbi "nínú wa", òun sì padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì.